Ìgò Mẹ́sàn-án Nínú Mẹ́wàá

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ akógò kùnà láti wá lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀gbẹ́ ni Akọ̀wé fi gba ọ̀nà àárín ilé ara rẹ̀ kọjá. Àpò ọ̀rá ńláńlá tó kún fún ìgò oníke ni wọ́n tò sára ògiri láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn títí dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Méjìdínlógún ni wọ́n. Kò nílò àtikà wọ́n, òun fúnra rẹ̀ ló so èdìdì mọ́ ọrùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Omi ọsàn tó ti kan ń kán láti ìdí wọn, èèrà sì ti fi ibẹ̀ ṣe ọjà. Bí ó ti ń ti ejìká bọ àárín wọn, àwọn ìgò náà ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Akọ̀wé kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ìkómọ. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń bá ẹgbẹ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké kọ̀wé, orúkọ náà sì ti lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ọkọ rẹ̀ pàápàá, tí í ṣe awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ń fi í pè é nígbà tó bá fẹ́ tọrọ nǹkan. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé wọn, lójú pópó tó ti ibùdókọ̀ gun òkè lọ. Ọṣẹ, búrẹ́dì, mílíìkì, bátìrì, omi inú ìgò àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló ń tà. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé lókè, ìyá ọkọ rẹ̀ ń gbé yàrá kékeré ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, nítorí àtẹ̀gùn ti sú màmá náà.

Bí ètò ìgò náà ṣe rí kò ṣòroó yé èèyàn. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni yóò kọ́kọ́ san owó ìdógò sọ́dọ̀ Ilé Ìdógò lórí ìgò kọ̀ọ̀kan tó bá gbé jáde. Yóò gbà á padà lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù, oníṣọ́ọ̀bù yóò sì gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ra ọtí. Ẹni tó bá dá ìgò padà sí ṣọ́ọ̀bù yòówù kó jẹ́, kódà bí kì í bá ṣe ibẹ̀ ló ti rà á, owó rẹ̀ á pé sọ́wọ́ rẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù á kó ìgò náà sínú àpò láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí àwọn ìlà dúdú ara rẹ̀ má bàa bàjẹ́, á fi èdìdì dè é, ọkọ̀ á kó o lọ sí ilé ìkàgò. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń ka àwọn ìlà náà. Lẹ́yìn èyí ni Ilé Ìdógò á dá owó padà fún oníṣọ́ọ̀bù, á sì fi ẹyọ owó méjì lé e lórí ìgò kọ̀ọ̀kan, owó wàhálà. Ìdógò tí ẹnikẹ́ni ò bá padà wá gbà, Ilé Ìdógò ló ń kù sí lọ́wọ́. Òun àti owó ike tí wọ́n bá tà ni wọ́n fi ń san owó ọkọ̀, owó ẹ̀rọ àti owó wàhálà náà. Ibi tí kò bá kún, àwọn oníléeṣẹ́ ọtí ní láti fi owó ara wọn dí i.

Ẹyọ márùn-ún ni ìdógò lórí ìgò kan tẹ́lẹ̀, àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá nìkan ló sì pọn dandan fún láti gbà á. Nínú ìgò mẹ́wàá, márùn-ún péré ló ń padà. Àwọn tó kù ń bẹ nínú gọ́tà. Akọ̀wé ló dìde nínú ìgbìmọ̀ Ilé Ìdógò, níbi tó ti ń ṣojú ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ní ẹyọ márùn-ún kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n sọ ọ́ di ogún, kó lè máa dun ẹni tó bá jù ú nù. Ó ní kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù máa gba ìgò, nítorí kò sí ẹni tó máa wọ bọ́ọ̀sì torí ìgò mẹ́ta. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Kí ọdún tó yí po, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti ń padà wálé, gọ́tà sì mọ́ tóńtóó.

Ọ̀rọ̀ tó sọ náà ló wá di àpò ọ̀rá sí i lọ́nà ilé.

Àárín ibùdókọ̀ àti òkè ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bọ́ sí. Ẹni tó bá ra omi ní ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà lẹ́yìn afárá, tó mu ún nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀dọ̀ Akọ̀wé ló ń já ìgò rẹ̀ sí. Àwọn tó ń gbálẹ̀ ibùdókọ̀ ń fi àpò gbé tiwọn wá. Bí ó bá ta ìgò mẹ́wàá, ogójì ni yóò gbà wọlé. Lójú ẹsẹ̀ ló ń san ogún ẹyọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tiẹ̀ sì di ọjọ́ kọkànlélógún lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá kó àpò lọ. Bí ọkọ̀ kò bá wá, a ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ nìyẹn. Owó tó yẹ kó fi ra ọjà ló ń san fún oníìgò. Ọṣẹ tán lórí pẹpẹ rẹ̀, kò rówó kó òmíràn. Kì í ṣe pé kò lówó. Inú ọ̀rá lowó rẹ̀ wà, ó ń rùn.

“Ìyàwó kan ni mo fẹ́,” ni ọkọ rẹ̀ máa ń wí, “ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìgò ló bá a wọlé.” Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ọkọ̀ kò wá yẹn, owó tán nínú dúrọ́ọ̀ kí agogo mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Obìnrin agbálẹ̀ kan dúró síwájú kántà pẹ̀lú àpò ìgò rẹ̀, ó ń wo Akọ̀wé. Òfin ni pé oníṣọ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ kọ ìgò. Owó ìtanràn ń bẹ lórí rẹ̀. Akọ̀wé ní kó jọ̀wọ́, kó padà wá lọ́sàn-án. Obìnrin náà ò bínú. Ó ní òun á jókòó dúró, torí owó yẹn lòun fẹ́ fi wọkọ̀ relé. Ó sì jókòó sórí àpò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́, tí àwọn oníbàárà ń kọjá lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, títí Akọ̀wé fi gòkè lọ yọ owó iná mànàmáná tó fi pamọ́ sínú ago.

Ẹlòmíràn tí kì í jẹ́ kí ọ̀ràn náà ṣeé bínú sí ni Tíṣà. Ilé kẹta, àjà kẹta, ni bàbá náà ń gbé. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ló máa ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìgò mẹ́jọ nínú àpò aláṣọ, tó ti fi omi ṣàn wọ́n mọ́, tó sì ti fi ọmọrí dé wọn. Ọgọ́jọ ẹyọ tó bá gbà, búrẹ́dì àti mílíìkì ló máa fi rà níbẹ̀. Á kí Akọ̀wé, á béèrè Màmá, á tún máa gun àtẹ̀gùn rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ kan dúró de èkejì.

Ìwé ìpàdé dé nígbà tí àpò ti pé mẹ́tàlélógún, tí mẹ́rin nínú wọn sì ti wọ yàrá Màmá. Àwọn oníléeṣẹ́ ọtí ló mú àbá wá: kí wọ́n yọ ṣọ́ọ̀bù tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tó ogójì mítà onígun mẹ́rin kúrò nínú àwọn tó gbọ́dọ̀ gba ìgò. Ẹni tó bá wù lè máa gbà á lọ, ẹni tí kò bá wù, kó lẹ ìwé sẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá Búrẹ́dì, tó ń ṣe búrẹ́dì ní ìkángun òpópónà, ló kọ́kọ́ wá. Ọ̀rẹ́ Akọ̀wé ni. Òun ló dá a lábàá pé kí wọ́n fi í ṣe aṣojú. Ó ní ẹgbẹ́ ti fohùn ṣọ̀kan, kí Akọ̀wé dìbò fún àbá náà kí àwọn lè mí. Ó ní ìgò ti gba ibi tí òun ń kó ìyẹ̀fun sí. Akọ̀wé wo ọ̀nà àárín ilé ara rẹ̀.

Lálẹ́, ọkọ rẹ̀ ò pẹ́ ọ̀rọ̀ sọ rárá. “Wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún ọ,” ló wí. “Jáde.”

Yàrá ìpàdé Ilé Ìdógò gbòòrò, tábìlì rẹ̀ ń dán, kò sí èèrà níbẹ̀. Èèyàn méje ló ní ìbò: mẹ́ta láti ilé-iṣẹ́ ọtí, ẹnì kan láti ṣọ́ọ̀bù ńlá, ẹnì kan láti ìjọba ìlú, alága, àti Akọ̀wé. Obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ló gbẹnu sọ fún àwọn oníléeṣẹ́. Ó kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Akọ̀wé pé ọpẹ́lọpẹ́ ìmọ̀ràn rẹ̀ tí ìgò fi ń padà tó bẹ́ẹ̀. Ó wá ní ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó dáa ló ní iye tó ń ná èèyàn. Nígbà tí ìgò márùn-ún ń padà nínú mẹ́wàá, ẹyọ márùndínlọ́gbọ̀n ló ń ṣẹ́ kù sílẹ̀, ìgò márùn-ún ni wọ́n sì ń gbé kiri. Ní báyìí, ìgò kan ṣoṣo ló ń sọnù, ogún ẹyọ ló ń ṣẹ́ kù, mẹ́sàn-án ni wọ́n ń gbé, tí wọ́n ń kà, tí wọ́n ń san owó wàhálà lé lórí. Ihò ń gbòòrò sí i, àwọn ilé-iṣẹ́ ló ń dí i. Ó ní àwọn kò bẹ̀bẹ̀ ohun tó pọ̀, kí a kàn gba àwọn oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí ẹrù ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ sílẹ̀.

Ojú ìfura ni Akọ̀wé fi wo inú rere yẹn. Ó yí ìwé ìpàdé sẹ́yìn, ó fa ìlà méjì. Ìgò mẹ́sàn-án padà: ogún ló kù. Bí ṣọ́ọ̀bù kéékèèké bá ti ilẹ̀kùn sí ìgò, tí ìgò kan péré sí i kò rọ́nà padà, mẹ́jọ ló kù tó ń bọ̀: ogójì ló kù sílẹ̀, ẹrù tí wọ́n máa gbé sì tún fúyẹ́. Ìgò kan péré tó bá jábọ́ nínú mẹ́wàá, ogún ti di ogójì. Ó tún un ṣe, bóyá òun ṣì í ni. Kò ṣì í.

Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kó dákẹ́. Ara rẹ̀ gan-an ń bẹ̀ ẹ́. Ejìká rẹ̀ ṣì ń dùn ún níbi tó ti ń ti àpò. Bí ó bá dákẹ́, ìyá ọkọ rẹ̀ á rí yàrá, ọkọ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, ẹgbẹ́ á dúpẹ́. Àtẹ̀gùn àjà kẹta ló ṣáà ń wò lójú inú, ẹsẹ̀ kan tó ń dúró de èkejì.

“Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan,” ló wí. “Ìgò tí kò ní padà yẹn, ta ló ni ín?”

Obìnrin náà ní kò sẹ́ni tí wọ́n máa fipá mú jù ú nù.

“Rárá, ẹ ò ní fipá mú un. Ẹni tí orúnkún ń dùn ni. Ẹni tí kò ní mọ́tò, tí kò lè dé ẹ̀yìn afárá. Yóò san ogún ẹyọ nígbà tó bá ń ra omi, kò ní rí i gbà padà mọ́ láé. Owó rẹ̀ lẹ fẹ́ fi dí ihò yín.” Ó ti ìwé tó ṣírò sí síwájú wọn. “Tó bá jẹ́ àwa oníṣọ́ọ̀bù lẹ ń káàánú, ẹ rán ọkọ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ fún wa lówó tí a ó fi máa san ìdógò ṣáájú. Ẹ má ti ilẹ̀kùn. Èmi ò ní ti tèmi ní tèmi.”

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn kò sí nínú ohun tó gbèrò láti sọ. Ó já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹyin, ẹnikẹ́ni ò sì lè kó o.

Alága dìbò tẹ̀lé e, ẹni ìjọba ìlú náà tẹ̀lé e. Àwọn oníléeṣẹ́ mẹ́ta nawọ́ sókè fún àbá wọn. Ẹni tó wá láti ṣọ́ọ̀bù ńlá, tí kò tíì sọ ohunkóhun látàárọ̀, nawọ́ tiẹ̀ náà. Mẹ́rin sí mẹ́ta. Akọ̀wé ń rò ó lọ́nà ilé pé kí ni ṣọ́ọ̀bù ńlá ń wá nínú ọ̀ràn yìí. Ṣèbí ìgò tiwọn ló máa pọ̀ sí i. Ó di oṣù mélòó kan kó tó mọ̀.

Ẹgbẹ́ yọ ọ́ nípò aṣojú ní ọ̀sẹ̀ kejì. Wọn ò bú u. Wọ́n ní ó ti sìn wọ́n tó, kó lọ sinmi, wọ́n sì gba ìwé àti gègé lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọn ò gbà.

Ìwé alẹ̀mọ́ aláwọ̀ pupa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu ọ̀nà: A KÌ Í GBA ÌGÒ MỌ́. Bàbá Búrẹ́dì ló kọ́kọ́ lẹ tiẹ̀. Oníkẹ́míìsì tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà oníwèé ìròyìn, lẹ́yìn náà obìnrin tó ń ta òdòdó, tí ìgò tó ń gbà kò ju mẹ́wàá lọ lójúmọ́. Kí oṣù tó parí, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ṣí sí ìgò láti ibùdókọ̀ dé orí òkè. Àwọn tí wọ́n lé níbòmíràn ń wá sọ́dọ̀ Akọ̀wé, wọ́n ń súre fún un, wọ́n ń tú àpò wọn sórí kántà. Àwọn míì ń sọ fún un pé àwọn gbọ́ ohun tó wí ní ìpàdé. Ó fẹ́ kí wọ́n yéé gbọ́ ọ.

Báwo ló ṣe máa lẹ tiẹ̀? Ó ti sọ ọ́. Báwo ni kò ṣe ní lẹ̀ ẹ́? Àpò ti dé àtẹ̀gùn, ó ń gun òkè lọ bí àlejò tó ń wá yàrá sùn. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ó ń sùn, ó ń gbọ́ tí ìgò ń dún nísàlẹ̀ nígbà tí ike wọn bá ń fà nínú òtútù. Ó lá àlá lẹ́ẹ̀kan pé òun wà nínú àpò, wọ́n sì ti so èdìdì.

Màmá ló já okùn náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin àgbà náà ń lọ sí balùwẹ̀, ó fọwọ́ ti àpò kan kó lè rọ́nà kọjá, àpò yí, òun náà yí. Akọ̀wé gbọ́ ariwo ìgò láti kántà, ó sáré wọlé, ó bá ìyá ọkọ rẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ń lẹ̀, àpò mẹ́ta lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọkùnrin méjì tó ń fi ọkọ̀ gbé aláìsàn dé, ibùsùn tí wọ́n ń fi gbé èèyàn kò gba ọ̀nà náà. Ogún ìṣẹ́jú gbáko ni ọkọ Akọ̀wé, tó sáré ti ibùdókọ̀ wá, àti àwọn ọkùnrin méjèèjì fi ń ju àpò síta lójú pópó, tí Màmá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, tó ń bẹ gbogbo wọn pé kí wọ́n má pariwo mọ́ ìyàwó òun.

Egungun ìbàdí kò kán, ó kàn sán díẹ̀. Wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí ọkọ Akọ̀wé padà délé, ó mú ìwé pupa kan jáde lápò, èyí tó gbà lọ́wọ́ Bàbá Búrẹ́dì. Ó gbé e sórí ibùsùn.

“Èmi ò ní lẹ̀ ẹ́,” ló wí. “Ìwọ lo sọ̀rọ̀. Ìwọ ni kó lẹ̀ ẹ́.”

Ó lẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí òpópónà tó jí.

Ilé gbòòrò. Wọ́n fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ọ̀nà àárín, èèrà kó ẹrù wọn lọ. Màmá padà sí yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Owó ìdógò tó wà nílẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀, Akọ̀wé ra ọṣẹ, ó ra bátìrì, ó to pẹpẹ kún. Ó jókòó sẹ́yìn kántà, ó ń dúró de oníbàárà.

Oníbàárà ò dé tó bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé òjò ni. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ṣírò rẹ̀: ìdá kan nínú mẹ́ta ọjà tó ń tà tẹ́lẹ̀ ti lọ. Àwọn agbálẹ̀ ibùdókọ̀ tó ń fi owó ìgò ra búrẹ́dì lọ́dọ̀ rẹ̀ kò yà mọ́. Àwọn ìyàwó ilé tó ń kó ìgò wá tí wọ́n á tún rántí pé mílíìkì ti tán nílé, wọ́n ti gba ibòmíràn. Ibi tí ìgò bá ń lọ lẹsẹ̀ ń tọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó rí Tíṣà láti ojú fèrèsé. Bàbá náà to ìgò rẹ̀ mẹ́jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa ìdọ̀tí lójú pópó, ó tò wọ́n dọ́gba, ọmọrí lórí gbogbo wọn, kí ẹni tó bá ń ṣa ìgò lè rí wọn mú. Akọ̀wé jáde sí i. Tíṣà ló tún ń bẹ̀ ẹ́.

“Ẹ má bínú, Akọ̀wé. Orúnkún mi ò lè dé ẹ̀yìn afárá. Ẹni tó bá rìn ín ló ni ín.” Ó ní òun á ra búrẹ́dì lọ́jọ́ mìíràn.

Akọ̀wé kó ìgò náà. Ó pa ṣọ́ọ̀bù dé fún wákàtí kan, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá. Èèyàn mẹ́rìnlá ló wà níwájú rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà ń gbé ìgò mì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ka ìlà ara wọn, ó ń tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ nínú ikùn, lójú ẹsẹ̀ ni àkọsílẹ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ Ilé Ìdógò. Kò sí àpò, kò sí èdìdì, kò sí ọjọ́ kọkànlélógún. Ohun tó jáde fún un kì í ṣe owó bí kò ṣe rìsíìtì. Bí èèyàn bá fẹ́ owó, kó lọ tò síbòmíràn lẹ́yìn pátápátá ilé náà. Bí ó bá fẹ́ ra ọjà, kó mú un lọ síbi ìsanwó. Kò sẹ́ni tó ń lọ sẹ́yìn. Akọ̀wé dúró, ó ń wo bí àwọn ará òpópónà rẹ̀ ṣe ń fowó kún ọgọ́jọ ẹyọ ìgò láti ra ọjà ẹgbẹ̀rún ẹyọ. Ibẹ̀ ló ti wá yé e ìdí tí ọwọ́ kẹrin fi lọ sókè níjọ́sí.

Ẹnì kan fọwọ́ kan án léjìká. Bàbá Búrẹ́dì ni, rìsíìtì lọ́wọ́ rẹ̀, àpò ìyẹ̀fun méjì nínú agbọ̀n rẹ̀. Wọ́n wo ara wọn.

“Ó dínwó níbí,” ni Bàbá Búrẹ́dì wí, ojú sì tì í.

“Mo rí i.”

“Búrẹ́dì tèmi náà ti dínkù.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “A rò pé ìgò nìkan la fẹ́ lé.”

Akọ̀wé lọ tò sẹ́yìn ilé, ó gba owó náà, ó mú un lọ fún Tíṣà lórí àjà kẹta. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, arúgbó mẹ́rin mìíràn ti gbọ́, wọ́n ti gbé ìgò tiwọn sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn Tíṣà, wọ́n kọ orúkọ sí i. Ó wá ń gbé ìgò kọjá afárá nísinsìnyí láìgba ẹyọ méjì owó wàhálà, ó ń san owó bọ́ọ̀sì lápò ara rẹ̀, ó sì ń gbé ìgò oníbàárà rẹ̀ lọ fún ẹni tó gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró lórí afárá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú àpò méjì lọ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dùn.

Ó lọ sí Ilé Ìdógò láti béèrè bí òun ṣe lè tún máa gba ìgò. Obìnrin òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ fún un pé ìgò tó ń padà ti wá sílẹ̀ sí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, àti pé inú àwọn oníléeṣẹ́ kò bàjẹ́ sí i. Ó tẹ́ ìwé méjì síwájú rẹ̀. Èkíní ni ti ẹ̀rọ: àyálò ni, ọdún márùn-ún, bí ìgò kò bá sì tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lóṣù, oníṣọ́ọ̀bù ló máa san owó rẹ̀. Akọ̀wé mọ iye tí òpópónà òun lè mú wá lóṣù òjò. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èkejì ni ti àpò, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀: ẹyọ méjì, ọjọ́ kọkànlélógún. Ẹni tó bá fi ìfẹ́ inú wọlé kò gbọdọ̀ jáde kí ọdún méjì tó pé. Akọ̀wé ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ọkọ̀ á máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àti pé bí kò bá wá, kí ọjọ́ kọkànlélógún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó yẹ kó wá. Obìnrin náà wọ inú yàrá kan lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, wọ́n ti gba ti ọkọ̀. Wọn ò gba ti ọjọ́.

Akọ̀wé jókòó ti ìwé náà títí tí wọ́n fi ń pa iná. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Ó fọwọ́ sí i.

Nígbà tó délé, Màmá ló kọ́kọ́ sọ fún, nítorí ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà á jù. Màmá gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan.

“Ìyàwó mi,” ló wí, “àkìtàn kì í kọ̀dọ̀tí, àmọ́ a kì í kọ́lé sórí àkìtàn. Yàrá mi ńkọ́?”

“Kò ní dé yàrá yín mọ́, Màmá. Kò ní dé ọ̀nà.”

“Ibo ló wá máa wà?”

Ọkọ Akọ̀wé wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó wò yíká, ó dúró síwájú pẹpẹ ìpápánu, èyí tó ń mú èrè wọlé jù nínú gbogbo wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó páálí bísíkíìtì sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí pẹpẹ ṣófo, ó lọ mú irin tí wọ́n fi ń tú ìdè pẹpẹ kúrò lára ògiri, ó kúnlẹ̀ sídìí ògiri.

“Ọdún mélòó?” ló béèrè, láìbojú wẹ̀yìn.

“Méjì.”

Ó tú ìdè àkọ́kọ́, ó nà án sí i kó bá òun mú un dání.